Lẹ́tà ìdíyelé fún ẹ̀rọ tó ń gé dóò tó sì ń ká a: ohun tí àwọn oníbékìrì máa ń bi wá

A kì í rọ ẹ̀rọ. À ń rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń rọ ọ́, à ń so wọ́n pọ̀, à ń fún gbogbo wọn ní ọpọlọ kan ṣoṣo tí yóò máa darí wọn, a sì ń dúró tì wọ́n títí wọn yóò fi ṣe ohun tí a sọ pé wọn yóò ṣe. Kí a tó dé ibẹ̀, lẹ́tà ìdíyelé, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní kotéṣọ̀n, ni yóò kọ́kọ́ dé ọwọ́ oníbékìrì. Ojú ewé mẹ́sàn-án ni tiwa sábà máa ń jẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ṣí i lọ tààrà sí ojú ewé tí iye owó wà, wọn á kà á, wọn á mí kanlẹ̀, wọn á pa á dé. Àwọn tó bá ka ìyókù ló máa ń pè wá, ìbéèrè wọn ló sì wà nísàlẹ̀ yìí.

Kí ọ̀rọ̀ má baà fọ́n káàkiri, lẹ́tà kan ṣoṣo ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ láti òkè délẹ̀. Békìrì kan ni a kọ ọ́ sí. Búrẹ́dì oní-500 gíráàmù ni wọ́n ń ṣe, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gé e, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká a. Ọ̀gá wọn fẹ́ kí ẹ̀rọ gba iṣẹ́ yẹn.

Kí ni ẹ ń tà fún mi gan-an?

Ohun tí à ń tà bẹ̀rẹ̀ létí abọ́ míksà, ó sì parí nígbà tí ìṣù dóò bá bọ́ sínú páànù. Ìyẹ̀fun tí a ti fi omi pò ni mò ń pè ní dóò o, torí bí ará békìrì ṣe ń pè é nìyẹn. Ẹ̀rọ kan á gbé abọ́ míksà sókè, á dà á sínú họ́pà, ìyẹn àgbá irin ẹlẹ́nu gbàgà tó wà lórí ẹ̀rọ tó ń gé dóò. Ẹ̀rọ yẹn á fa dóò wọ ihò kan, ọ̀bẹ á gé e, písítìnì á tì í jáde. Ìṣù náà á gun bẹ́líìtì kọjá lórí òṣùwọ̀n kékeré kan, á sì lọ máa yípo lára irin tó rí bí òkòtó títí yóò fi di róbótó. Lẹ́yìn èyí, á sinmi fún bí ìṣẹ́jú mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ìsinmi yẹn kì í ṣe àfiṣeré: ara dóò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yí máa ń le, bí a bá tẹ́ ẹ lójú ẹsẹ̀, ńṣe ni yóò ya. Nígbà tó bá ti rọ̀ ni ẹ̀rọ tí à ń pè ní mólídà á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, á ká a bí ẹní, á sì jù ú sínú páànù.

Míksà yín, yàrá tí búrẹ́dì ti ń wú, àti ààrò yín kò sí nínú lẹ́tà náà. A ò ní fọwọ́ kàn wọ́n. Àmọ́ a máa ń wá wo iṣẹ́ wọn pẹ̀lú aago lọ́wọ́ kí a tó kọ nọ́ńbà kankan sílẹ̀.

Ẹni tó rọ ẹ̀rọ agédóò yìí kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ó lè gé 1,200 ìṣù ní wákàtí kan. Kí ló dé tí lẹ́tà yín fi sọ 750?

Ààrò yín ló sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí a wá wo békìrì, ẹnìkejì mi dúró lẹ́nu ààrò láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Páànù 450 ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Búrẹ́dì ń lo 30 ìṣẹ́jú nínú rẹ̀, kíkó wọlé àti kíkó jáde sì ń gba ìṣẹ́jú 5. Páànù 450 ní ìṣẹ́jú 35, ìyẹn jẹ́ bíi 770 ní wákàtí kan, kò sì sí bí a ṣe lè rẹ́ ẹ jẹ.

Ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá jẹ́ kí ẹ̀rọ sá eré tí ìwé rẹ̀ sọ. Láàárín wákàtí kan, 430 ìṣù á wà nílẹ̀ tí kò ráyè wọ ààrò. Ìwúkàrà kò mọ̀ pé ààrò ti kún, á máa bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ẹ bá fi máa rí àyè fún wọn, wọ́n ti wú kọjá ààlà: orí búrẹ́dì á rì, inú rẹ̀ á ní ihò gbàràgàdà, ara rẹ̀ á funfun dípò kí ó pọ́n, òórùn rẹ̀ á kan díẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ á ní ẹ̀rọ ló ba búrẹ́dì jẹ́. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa, àmọ́ eré ni ẹ̀rọ sá jù.

Iye owó ẹ̀rọ kò yàtọ̀, ì báà sá 750, ì báà sá 1,200. Bí ẹ bá ra ààrò kejì lọ́jọ́ iwájú, nọ́ńbà kan la máa yí lójú páńẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọpọlọ tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ, a ó sì padà wá ka aago míksà yín, torí òun ló máa kàn.

Ẹ tún ní kí n dín ohun tí mò ń pò lẹ́ẹ̀kan kù. Ẹ̀rọ ni mo ní kí ẹ gbé wá, ẹ ẹ̀ ṣe ń kọ́ mi ní iṣẹ́ mi?

Ìbéèrè tó máa ń mú inú bí àwọn ọ̀gá jù lọ nìyí, òun náà sì ni ọkàn gbogbo lẹ́tà wa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀.

100 kílò fúláwà ni ẹ ń dà sínú míksà. Ẹ ń fi omi 58 kílò sí i, ṣúgà 4, ọ̀rá 4, iyọ̀ 2, ìwúkàrà 2. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 170 kílò dóò. Ìṣù tí yóò di búrẹ́dì 500 gíráàmù gbọ́dọ̀ wọn bíi 565 kí ó tó wọ ààrò, torí oru omi á gbé bí ìdá 11 nínú 100 lọ. Nítorí náà 300 ìṣù ló wà nínú ìpò kan, ìyẹn dóò tí ẹ pò lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ̀rọ bá ń gé 750 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 24 ni yóò fi gé ìpò yẹn tán. Ìyẹn ni pé dóò tó wà nísàlẹ̀ họ́pà di ìṣù lójú ẹsẹ̀, èyí tó wà lókè sì jókòó fún ìṣẹ́jú 24 kí ó tó kàn án.

Ẹ̀rọ agédóò kì í wọn ìwúwo. Àyè ló ń wọn: ihò rẹ̀ kún, ó gé e. Nígbà tí dóò bá jókòó, ìwúkàrà á máa tú afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, á máa wú, ihò kan náà á wá máa gba èyí tó fúyẹ́. Ó dà bí ẹni tó fi ife kan náà bu fúláwà tí a kì mọ́lẹ̀ àti fúláwà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ̀. Ife kò yí padà, ohun tó wà nínú rẹ̀ ló yí padà.

A gbé dóò békìrì yìí lọ dán wò lórí ẹ̀rọ lọ́dọ̀ ẹni tó rọ ọ́, a kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan písítìnì. Ìṣù àkọ́kọ́ wọn 566 gíráàmù. Ní ìṣẹ́jú 10, ó ti di 561. Ní ìṣẹ́jú 20, 553. Ìṣù tó kẹ́yìn, ní ìṣẹ́jú 24, wọn 548. Ẹ ṣàkíyèsí pé bó ṣe ń pẹ́ sí i ni ìfàsẹ́yìn náà ń yára sí i: ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ mú gíráàmù 5 lọ, ìṣẹ́jú mẹ́rin tó kẹ́yìn nìkan náà mú 5 lọ.

Ohun tí lẹ́tà dábàá ni pé kí ẹ máa pò 80 kílò fúláwà dípò 100. Dóò á jẹ́ 136 kílò, 240 ìṣù, ẹ̀rọ á gé e tán láàárín ìṣẹ́jú 19. A ka aago míksà yín fún ìwọ̀n yẹn: ìṣẹ́jú 4 láti kó nǹkan sí i, 11 láti pò ó, 3 láti gbé e dà. Ó jẹ́ 18. Ìṣẹ́jú kan péré ló ṣẹ́kù, kò pọ̀, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú lẹ́tà. Ní iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ máa pò dípò ogún. Wàhálà ni fún ẹni tó dúró ti míksà, a kò sì ní díbọ́n pé kì í ṣe wàhálà.

Òṣùwọ̀n tí ẹ fẹ́ gbé sórí bẹ́líìtì ńkọ́? Ṣé òun kò ní ṣe àtúnṣe fúnra rẹ̀ ni?

Yóò ṣe é, dé ààyè kan. Bí ìṣù bá ti ń kọjá, òṣùwọ̀n á ka ìwúwo rẹ̀. Páńẹ́ẹ̀lì á ṣírò ìṣù mẹ́wàá tó kẹ́yìn pọ̀, á pín in sí mẹ́wàá. Bí ohun tó rí bá fi ju gíráàmù mẹ́ta lọ yàtọ̀ sí 565, á sún písítìnì díẹ̀, á sì dúró kí ìṣù mẹ́wàá mìíràn kọjá kó tó tún wò ó.

Ọ̀gá kan bi mí pé kí ló dé tí kì í ṣe é lórí ìṣù kọ̀ọ̀kan. A ti gbìyànjú rẹ̀ rí nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìṣù kan á wọn 572, ẹ̀rọ á sáré dín in kù. Èyí tó tẹ̀ lé e ì bá wọn 560 fúnra rẹ̀, àmọ́ wọ́n ti dín in kù, ó wá di 553. Ẹ̀rọ á tún sáré fi kún un. Ńṣe ló ń lé òjìji ara rẹ̀ kiri, ìwúwo sì dàrú ju ti ìgbà tí a kò ní òṣùwọ̀n lọ.

Ohun tí òṣùwọ̀n kò lè wòsàn ni kí ìṣù máa fò sókè fò sódò láìní ìlànà. Ẹ lè fi ojú yín mọ ìyàtọ̀ náà lójú páńẹ́ẹ̀lì. Bí nọ́ńbà bá ń rọra yọ̀ sí ìsàlẹ̀, dóò ló ń wú, òṣùwọ̀n á bójú tó o. Bí ó bá jẹ́ 558, 573, 561, 577, ẹ lọ wo họ́pà ná. Bí dóò inú rẹ̀ bá ti kéré ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, kò sí ìwúwo tó ń tì í wọ ihò mọ́, ihò á sì máa kún ní ìdajì ìdajì. Bí họ́pà bá kún dáadáa, ẹ wo òróró tó ń kán sí ọ̀bẹ. Bí òróró bá pé, a jẹ́ pé písítìnì ti jẹ, ẹ pè wá.

Kí ló kàn yín nípa omi tí mo fi ń pò?

Ojú ewé kẹrin lẹ́tà sọ pé dóò gbọ́dọ̀ jáde nínú míksà ní ìwọ̀n 25 sí 27 ní sẹ́ńtígírédì. Bí ó bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwúkàrà á yára, gbogbo ìṣirò òkè yìí á wó.

Bí àwọn apòyẹ̀fun ṣe ń mọ ìwọ̀n omi nìyí. Ẹ fi mẹ́ta ṣe ìlọ́po ìwọ̀n gbígbóná tí ẹ fẹ́ kí dóò jẹ́, ká ní 26, ó di 78. Ẹ yọ gbígbóná fúláwà kúrò, ẹ yọ ti yàrá kúrò, kí ẹ sì yọ ooru tí míksà fúnra rẹ̀ ń dá sílẹ̀ bó ṣe ń lọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí a wọ̀n ọ́n, fúláwà jẹ́ 30, yàrá jẹ́ 30, ti míksà sì jẹ́ 12. Ohun tó kù ni 6. Omi gbọ́dọ̀ tutù dé ìwọ̀n 6. Omi ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò jẹ́ 28, dóò wọn sì ń jáde ní bíi 33. Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn bí ẹ bá ṣe ìṣirò náà padà.

Tẹ́lẹ̀, kò pa wọ́n lára púpọ̀, torí ọwọ́ ènìyàn mẹ́fà ló ń gé e tí ó sì ń tán kíákíá, ẹni tó ń gé e sì ń fi òṣùwọ̀n orí tábìlì wọn ọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ kò ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà lẹ́tà sọ pé ẹ nílò ẹ̀rọ atutùmi tàbí yìnyín tí ẹ máa wọn pọ̀ mọ́ omi. A kò fi owó rẹ̀ kún tiwa, àmọ́ a kọ ọ́ gàdàgbà kí ó má baà di ìjà lẹ́yìn ọ̀la.

Kí ni mo gbọ́dọ̀ pèsè fúnra mi?

Yàtọ̀ sí omi tútù, iná fésì mẹ́ta tí kì í lọ sókè sódò, kí ó dé ẹnu páńẹ́ẹ̀lì wa. Afẹ́fẹ́ kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó gbẹ, tí kò ní omi nínú. Ilẹ̀ tó tẹ́jú. Àti ẹnu ọ̀nà. Mo ti ríbi tí ẹ̀rọ dúró sí ìta nínú òjò fún ọjọ́ méjì nítorí pé ilẹ̀kùn fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá kéré. Àwa la gbàgbé láti wọ̀n ọ́n, àwa náà la sì sanwó ẹni tó fọ́ ògiri. Látìgbà yẹn, ìwọ̀n gbogbo ilẹ̀kùn láti ẹnu géètì wà nínú lẹ́tà, a sì ń ní kí ẹ̀yin náà fọwọ́ sí i.

Báwo ni owó ṣe máa jáde, kí sì ló dé tí iye inú lẹ́tà fi ń kú lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́?

Ìdá 40 nínú 100 nígbà tí ẹ bá fọwọ́ sí i, torí àwa náà gbọ́dọ̀ san owó fún ẹni tó ń rọ ẹ̀rọ. Ìdá 30 nígbà tí ẹ bá ti wá sí ṣọ́ọ̀bù wa tí ẹ sì fi ojú ara yín rí i pé gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ pọ̀, kí a tó gbé e jáde. Ìdá 20 nígbà tí a bá tò ó tán ní békìrì yín. Ìdá 10 tó kù, ẹ mú un dání títí tí ẹ̀rọ á fi yege ìdánwò tí mo máa sọ nísàlẹ̀.

Bí ẹni kan bá mú lẹ́tà wá tó ní kí ẹ san gbogbo rẹ̀ kí ẹ̀rọ tó gé ìṣù kan nílé yín, ẹ bi í pé kí ló máa mú un padà wá bí ọ̀bẹ bá há.

Ní ti ọgbọ̀n ọjọ́, ẹni tó rọ ẹ̀rọ ló fún àwa náà ní iye tó ní ọjọ́ ìparí. A kò lè di iye kan mú fún yín tí ẹnikẹ́ni kò dì mú fún wa.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé iṣẹ́ parí?

Ọ̀pọ̀ lẹ́tà ló ń sọ pé "ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́ dáadáa." Gbólóhùn yẹn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, torí dáadáa ti oníbékìrì yàtọ̀ sí ti ẹnjiníà. Bí a ṣe kọ tiwa rèé, mo dà á kọ bó ṣe wà:

"A ó pò dóò ìgbà mẹ́fà ní títẹ̀lé ara wọn, pẹ̀lú fúláwà àti ọwọ́ ẹni tó ni békìrì. Dóò á wà láàárín 25 àti 27. Ẹ̀rọ á gé é ní ìwọ̀n 750 ìṣù ní wákàtí kan. Nínú ìpò kọ̀ọ̀kan, a ó mú ìṣù 10 ní ìbẹ̀rẹ̀, 10 ní àárín, 10 ní òpin, a ó sì wọ̀n wọ́n lórí òṣùwọ̀n ẹni tó ni békìrì. Nínú 180 ìṣù yìí, ó kéré tán 171 gbọ́dọ̀ wà láàárín 555 àti 575 gíráàmù. Ìdádúró tó bá ju ìṣẹ́jú kan lọ tó wá láti ara ẹ̀rọ wa kò gbọ́dọ̀ ju méjì lọ. Ìdádúró nítorí pé dóò kò tètè dé láti míksà kò sí lára rẹ̀."

Ìpò mẹ́fà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì. A kò gba ìpò kan ṣoṣo, torí ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò tíì gbóná, fúláwà kò sì tíì bo ojú rẹ̀. Ẹ tún wo ibi tí a ti mú ìṣù: bí a bá mú gbogbo rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpò, ẹ̀rọ tí kò dára pàápàá á yege. Òṣùwọ̀n yín la lò, kì í ṣe tiwa, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a fi tiwa yẹ̀ ẹ́.

Èló ni yóò wọlé padà fún mi?

Mi ò ní sọ pé owó yín á padà ní oṣù mélòó, mi ò mọ ìwé owó yín. Ohun tí mo lè kà ni dóò. Àwọn tó ń fi ọwọ́ gé e máa ń gé 580, kí búrẹ́dì kankan má baà fúyẹ́ ju 500. Ìbẹ̀rù ni gíráàmù 15 yẹn, kò sí ẹni tó ń sanwó rẹ̀. Ní ìṣù 750 ní wákàtí kan, fún wákàtí mẹ́jọ, ó jẹ́ 90 kílò dóò. Nínú dóò tiyín, 53 kílò fúláwà ló wà nínú rẹ̀, lójúmọ́ kan. Ẹ fi iye tí ẹ fi ń ra fúláwà ṣe ìlọ́po rẹ̀, kí ẹ sì yọ owó iná àti òróró ẹ̀rọ kúrò.

Ní ti àwọn òṣìṣẹ́, ènìyàn mẹ́fà ló wà lórí tábìlì lónìí. Lẹ́yìn ẹ̀rọ, ẹnìkan á wà lójú páńẹ́ẹ̀lì, ẹni méjì á máa to páànù. Àwọn mẹ́ta tó kù, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ fi wọ́n ṣe, àmọ́ ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ lọ ran ẹni tó ń pò ó lọ́wọ́, torí ìṣẹ́jú kan tó ṣẹ́kù yẹn.

Kí ló sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́?

Ojú ẹ̀rọ. Sẹ́nsọ̀ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì, ó ń tan ìmọ́lẹ̀ láti mọ̀ bóyá ìṣù wà níwájú rẹ̀. Fúláwà á rọra bà lé e lójú bí eruku, títí tí yóò fi gbà pé ìṣù wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Bẹ́líìtì á dúró, páńẹ́ẹ̀lì á ní ìṣù há, ẹ máa lọ wò ó, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ìyẹn ni àmì rẹ̀. Aṣọ gbígbẹ, ẹ nù ún, ó tán.

A ti kẹ́kọ̀ọ́ láti má ṣe kọ ojú rẹ̀ sókè. À ń dà á sí ẹ̀gbẹ́, kó dorí kodò díẹ̀, a sì ń sọ fún páńẹ́ẹ̀lì pé bí sẹ́nsọ̀ bá ń rí ìṣù fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún láìdáwọ́ dúró, kí ó kọ "nu ojú sẹ́nsọ̀" dípò kí ó kọ "ìṣù há." Ohun kékeré ni, àmọ́ ó ti gbà wá lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìpè òru.

Ẹ má sì fi họ́ọ̀sì fọ bẹ́líìtì. Dóò gbígbẹ, ẹ fi ike pẹlẹbẹ họ ọ́. Omi tó bá pàdé fúláwà á di lẹ́ẹ̀, á sì wọ ibi tí ọwọ́ yín kò dé.

Ṣé ọwọ́ lè há sínú rẹ̀?

Bí ẹ bá ṣí ìbòrí rẹ̀, ẹ̀rọ á dúró. Bí ẹ bá pa á dé, kò ní dá bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, àfi kí ẹnìkan tẹ bọ́tìnì. Bọ́tìnì pupa wà níbi mẹ́rin. Wáyà tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kò kọjá nínú ètò kọ̀ǹpútà lásán, ó ní ẹ̀rọ ààbò tirẹ̀ tó ń gé iná. Àmọ́ mo ti rí ìbòrí tí wọ́n fi okùn dì sílẹ̀, tí wọ́n lẹ mágínẹ́ẹ̀tì mọ́ sẹ́nsọ̀ rẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá. Lẹ́tà sọ pé bí a bá rí irú rẹ̀, gàráńtì ti parí. Ibi kan ṣoṣo nìyí tí a kì í ti dúnàádúrà.

Ta ló ni ètò tó wà nínú páńẹ́ẹ̀lì?

Ẹ̀yin, lọ́jọ́ tí ẹ bá san ìdá 10 tó kẹ́yìn. A ó fún yín ní ẹ̀dà ètò náà, ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, àti àwòrán wáyà tó bá ohun tó wà lára ògiri mu, kì í ṣe èyí tí a yà kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni mẹ́ta péré la jẹ́. Bí ẹ bá pè wá lọ́jọ́ kan tí a kò gbé e, ẹnjiníà mìíràn gbọ́dọ̀ lè ṣí i.

Bí ẹ̀rọ kò bá yege ìdánwò ńkọ́?

A ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti tún un ṣe, a sì lè tún dán an wò lẹ́ẹ̀mejì, owó tiwa ni, àfi fúláwà. Bí ó bá kùnà lẹ́ẹ̀kẹta, ìdá 10 yẹn dúró sọ́wọ́ yín, ẹ sì lè yàn: kí ẹ gba ẹ̀rọ ní ìwọ̀n tó lè ṣe, ká ní 650 ìṣù, kí a dá owó padà ní ìbámu pẹ̀lú rẹ̀, tàbí kí a tú u kó lọ, kí a sì dá ohun tí ẹ ti san padà, yàtọ̀ sí owó ọkọ̀.

Nínú àpẹẹrẹ tí mo ń lò yìí, wọ́n kùnà lẹ́ẹ̀kan. Ìṣù 166 ló bọ́ sí i dípò 171. A gbé ìwé ìwọ̀n náà sílẹ̀, a wo ibi tí àwọn tó jáde ti wá: 12 nínú 14 wá láti ìparí ìpò kẹta àti ìkẹrin. Yìnyín ti tán lọ́sàn-án yẹn, dóò jáde ní 29, ẹni tó ń wọn gbígbóná rẹ̀ sì ti lọ jẹun. Ẹ̀bi wa kọ́, ẹ̀bi ẹ̀rọ kọ́, àmọ́ ìdánwò ti kùnà nípa ohun tí a kọ sílẹ̀, a kò sì bá ọ̀gá náà jiyàn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n ra yìnyín púpọ̀ sí i, a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìpò àkọ́kọ́.